Òpó ló ń fì, àbí bíìmù ló ń tì í? Bí ẹrù 1 ṣe ń sọ bí férémù yóò ṣe sún tó

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀ ní Adó-Èkìtì, atẹ́gùn ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá títì nígbà náà yóò rí àwọn férémù onírin tí àwọn wẹ́dà gbé ró síwájú ṣọ́ọ̀bù, òpó méjì nílẹ̀, bíìmù kan lókè, tí gbogbo rẹ̀ ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó tún ń padà. Ohun tí àwọn ènìyàn sì máa ń sọ ni pé òpó yẹn ti tín-ín-rín jù. Wẹ́dà kan sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: “Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká kúkú ra òpó tó nípọn sí i.” Mo ní kó jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Ìṣirò yẹn ni mo fẹ́ tú síta níbí, nítorí ó sọ ohun tí ojú kò lè rí: nínú férémù tiwa, bíìmù tó wà lókè, tó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan, ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú fífì náà.

Ọ̀nà tí a máa lò ni ọ̀nà ẹrù 1. Maxwell, onímọ̀ físíìsì, ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 1864, Mohr, ẹnjiníà ará Jámánì, sì dá a tún ṣe fúnra rẹ̀ lọ́dún 1874. Ó máa ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú nítorí wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹrù kan tí kò sí níbẹ̀ rárá lé férémù, wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ férémù náà. Òpó òsì dìde láti ẹsẹ̀ A dé igun B, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3. Bíìmù lọ láti B dé igun C, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4. Òpó ọ̀tún sọ̀kalẹ̀ láti C dé ẹsẹ̀ D, òun náà mítà 3. Igun B àti C ni wọ́n jó pọ̀ dáadáa yíká, tó fi jẹ́ pé igun náà kò lè ṣí, kò sì lè pa dé. Ẹsẹ̀ A ni wọ́n fi bóòtù dè mọ́ kọnkéré: kò lè sún, kò lè gbéra, àmọ́ ó lè yí díẹ̀ lójú ibi tó wà. Ẹsẹ̀ D kàn jókòó sórí páálí irin tí wọ́n fi gíríìsì pa, nítorí orí gọ́tà ló bọ́ sí, onílé kò sì jẹ́ kí wọ́n lu ihò síbẹ̀. D lè yọ̀ síwá sẹ́yìn. Atẹ́gùn ń ti igun B láti òsì sí ọ̀tún pẹ̀lú agbára kílónútìnì 5, èyí tó sún mọ́ ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì 10. Ìbéèrè wa ni pé: mìlímítà mélòó ni igun B yóò sún sí ọ̀tún?

Irin tó bá tẹ̀ ń fi agbára pamọ́ sínú ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń nà padà bí a bá fi í sílẹ̀. Ní ojú kọ̀ọ̀kan lára irin náà, mómẹ́ǹtì kan wà tó ń fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ ká pè é ní M. Mómẹ́ǹtì ni agbára tó ń tì, tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú bí ó ṣe jìnnà tó. Ohun tó ń kọ̀ fún M ni agídí irin náà, EI. E jẹ́ ti irin fúnra rẹ̀, bákan náà ló sì rí fún gbogbo irin tí àwọn wẹ́dà ń lò. I jẹ́ ti bí wọ́n ṣe yọ irin náà, bó ga, bó nípọn. Ní mítà kọ̀ọ̀kan, agbára tí irin fi pamọ́ nítorí títẹ̀ jẹ́ M²/(2EI).

Wàyí o, ká ní a kọ́kọ́ fi ọwọ́ ti igun B sí ọ̀tún pẹ̀lú kílónútìnì 1 péré, kí atẹ́gùn tó dé. Ẹrù kékeré yìí dá mómẹ́ǹtì tirẹ̀ sílẹ̀, a pè é ní m. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn wá dé. Àpapọ̀ mómẹ́ǹtì di M + m, agbára tó wà nípamọ́ sì di (M + m)²/(2EI). Bí a bá tú àkámọ́ náà, a óò rí nǹkan mẹ́ta: M²/(2EI), tó jẹ́ ti atẹ́gùn nìkan, m²/(2EI), tó jẹ́ ti ẹrù 1 nìkan, àti Mm/EI láàárín, tó jẹ́ ti àwọn méjèèjì pọ̀. Èyí àárín yìí kò lè wà bí kò bá sí àwọn méjèèjì níbẹ̀.

Ta ló san án? Ẹrù 1 ni. Ó ti wà ní B kí atẹ́gùn tó dé, bí èrò tó ti jókòó sínú mọ́tò kí mọ́tò tó gbéra. Nígbà tí atẹ́gùn gbé B lọ sí ọ̀tún, ẹrù 1 bá a lọ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ tó ṣe jẹ́ 1 lọ́nà δ, níbi tí δ ti jẹ́ iye tí B sún. Kò sí ìlàjì kankan níbẹ̀, nítorí ẹrù náà kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìdí nìyẹn tí ìdá méjì inú M²/(2EI) fi pòórá nínú èyí àárín. Nítorí náà:

```
1 · δ = ∫ M m dx / EI
```

Àmì gígùn yẹn kàn ń sọ pé ká ṣe é ní díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan dé òpin rẹ̀, ká sì kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ẹrù 1 kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ó ń tọ́ka sí ibi tí a fẹ́ wọn àti apá ibi tí a fẹ́ kó sún sí.

Ó kù ká ya M àti m. Atẹ́gùn ń ti B pẹ̀lú 5, D sì ń yọ̀, kò lè dá nǹkan kan dúró ní ìbú. Ẹsẹ̀ A nìkan ló gbọ́dọ̀ fa 5 padà sí òsì. Nítorí náà mómẹ́ǹtì nínú òpó òsì jẹ́ òdo ní A, ó ń pọ̀ bọ̀ bí a ti ń gòkè, ó sì di 5 × 3 = 15 ní B. Kò sí nǹkan tó pa á ní igun náà, ó yí wọ inú bíìmù pẹ̀lú 15, ó wá ń dín kù títí ó fi di òdo ní C. Òpó ọ̀tún kò ní mómẹ́ǹtì rárá, nítorí D kò tì í síbìkan. Ó kàn gbé ẹrù sórí ni. Bí a bá gbé ẹrù 1 sí B dípò 5, àwòrán kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé orí rẹ̀ ní B jẹ́ 3 dípò 15.

A kò nílò kálíkúlọ́ọ̀sì kankan fún èyí. Nígbà tí àwòrán M àti m jẹ́ onígun mẹ́ta méjèèjì, tí orí wọn sì wà ní òpin kan náà, èsì ni gígùn irin náà lọ́nà orí kan lọ́nà orí kejì, ká pín in sí 3.

```
òpó AB:    3 × 15 × 3 / 3 = 45
bíìmù BC:  4 × 15 × 3 / 3 = 60
òpó CD:    0
àpapọ̀:     105
```

Irin tí wọ́n lò, I rẹ̀ tó nǹkan bíi 20 × 10⁶ mm⁴, ìyẹn 20 × 10⁻⁶ m⁴. E ti irin jẹ́ 200 × 10⁶ kN/m². Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, EI jẹ́ 4000 kNm². Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú: wọ́n á fi mítà sínú mómẹ́ǹtì, wọ́n á wá fi mìlímítà sílẹ̀ nínú I, èsì á sì sọ pé férémù fẹ́rẹ̀ẹ́ má sún rárá. Bí iye rẹ bá jẹ́ aṣiwèrè bẹ́ẹ̀, má tún ya àwòrán. Àwọn ìwọ̀n ni kó o wò. Tiwa jẹ́ 105/4000 = 0.02625 mítà, ìyẹn mìlímítà 26.25.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ń lò fún orí òpó ilé alájà kan ni gíga tí a pín sí 300, tó jẹ́ mìlímítà 10 fún òpó wa. Férémù náà ti kọjá ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ rẹ̀. Ojú àwọn tó ń kọjá kò tàn wọ́n, ó ń fì lóòótọ́.

Àmọ́ ẹ wo inú 105 yẹn. 45 ti òpó fún wa ní mìlímítà 11.25, 60 ti bíìmù sì fún wa ní mìlímítà 15. Báwo ni bíìmù tó dùbúlẹ̀ ṣe lè mú kí nǹkan sún sí ẹ̀gbẹ́? Ìdí ni pé igun B kò ṣí. Mómẹ́ǹtì 15 tẹ bíìmù, òpin bíìmù ní B sì yí díẹ̀, ní rádíánì 0.005. Òpó tó so mọ́ ọn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a yí. Òpó náà ga ní mítà 3, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kọ̀ láti yí, nítorí náà orí rẹ̀ lọ ní 3 × 0.005 = 0.015 mítà. Mìlímítà 15 gẹ́lẹ́. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí, nítorí ó gba ọ̀nà míràn dé ibi kan náà, kò sì ní ẹrù 1 kankan nínú.

Ó wá kan wẹ́dà wa àti òpó tó fẹ́ rà. Ká ní ó ra òpó tí I rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì: apá ti òpó dín kù sí nǹkan bíi 5.6, ti bíìmù dúró sí 15, àpapọ̀ 20.6. Ká ní bíìmù ló pààrọ̀ dípò rẹ̀: 11.25 àti 7.5, àpapọ̀ 18.75. Òpó méjì jẹ́ mítà 6 irin, bíìmù jẹ́ mítà 4. Èyí tó gba irin díẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù. Síbẹ̀, kò sí èyí tó dé 10 nínú wọn.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣi ọ̀nà lọ jù ni ibi tí wọ́n gbé ẹrù 1 sí. Ká ní wọ́n béèrè bí ẹsẹ̀ D ṣe yọ̀ tó. Atẹ́gùn ṣì wà ní B, M kò yí padà rárá. Ẹrù 1 ló gbọ́dọ̀ kúrò ní B lọ sí D. Nígbà náà m nínú òpó òsì ṣì lọ láti òdo sí 3, àmọ́ kò dín kù mọ́ nínú bíìmù. Ó dúró sí 3 láti B dé C, kó tó sọ̀kalẹ̀ sí òdo ní D. Àwòrán onígun mẹ́ta pẹ̀lú èyí tó tẹ́jú, a ń pín in sí 2: 4 × 15 × 3 / 2 = 90. Òpó ọ̀tún ní m ṣùgbọ́n kò ní M, kò fún wa ní nǹkan kan. Àpapọ̀ 45 + 90 = 135, D sì yọ̀ ní mìlímítà 33.75. Ó ju ti B lọ ní 7.5, nítorí igun C náà yí, òpó ọ̀tún sì bá a yí láìtẹ̀. Ẹni tó bá fi m ti D dáhùn ìbéèrè B ti ṣírò dáadáa fún ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ohun kejì ni ẹ̀gbẹ́ tí a ya àwòrán sí. M àti m gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òfin kan náà, bí àpẹẹrẹ ká ya méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ tí irin ti ń fà. Bí wọ́n bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, wọ́n ń kún ara wọn; bí wọ́n bá kọjú síra, a ń yọ ọ́. Bí àpapọ̀ bá sì jáde pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, kò túmọ̀ sí pé o ṣìṣe. Ó ń sọ pé ibẹ̀ sún sí òdìkejì ibi tí ẹrù 1 kọjú sí.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé títẹ̀ nìkan ló ń gba agbára ni? Ṣé irin kì í nà, kì í kúrú? Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú férémù wa, atẹ́gùn ń fa òpó òsì sókè pẹ̀lú kílónútìnì 3.75, ó sì ń tẹ òpó ọ̀tún mọ́lẹ̀ pẹ̀lú iye kan náà. Tí a bá lo irin tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà onígun 2850, nínà àti kíkúrú àwọn òpó méjèèjì fi nǹkan bíi mìlímítà 0.03 kún fífì B. Ti agbára tó ń gé irin ní ìbú tó nǹkan bíi 0.3. Ẹ fi wọ́n wé 26.25. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbójú fò wọ́n, kì í ṣe ọ̀lẹ. Àmọ́ bí wẹ́dà bá jó irin kan ní dáyágónà láti A lọ sí C, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Irin yẹn ló máa gbé atẹ́gùn nípa nínà, títẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, ẹni tó bá ka títẹ̀ nìkan yóò sì sọ pé férémù náà kò sún rárá. Irọ́ ni.

Àkíyèsí kan wà lórí 3.75 yẹn. Bí atẹ́gùn bá yí padà tó wá láti ọ̀tún, ẹsẹ̀ D ni yóò gbéra. Férémù náà wọn nǹkan bíi kílónútìnì 2.2, ìlàjì rẹ̀ sì ni 1.1, tí kò lè dá 3.75 dúró. Kì í ṣe fífì ni yóò jẹ́ ìṣòro lọ́jọ́ náà. Wíwó ni.

Onílé gbà nígbẹ̀yìn pé kí wọ́n lu ihò, wọ́n sì fi bóòtù de D bíi ti A. Ẹsẹ̀ méjèèjì wá ń pín 5 náà dọ́gba, 2.5 àti 2.5. M di 7.5 ní B, ó gba òdo kọjá ní àárín bíìmù, ó sì di 7.5 ní C, àmọ́ ní òdìkejì. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé a lè tọ́jú m àtijọ́, èyí tí D ṣì ń yọ̀ nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí a ń béèrè lọ́wọ́ m ni pé kó bá ẹrù 1 dúró ní ìdọ́gba agbára. Kò di dandan kó jẹ́ m tí férémù gidi yóò ní. Òpó òsì fún wa ní 3 × 7.5 × 3 / 3 = 22.5. Nínú bíìmù, a ya M sí onígun mẹ́ta méjì: èyí tí orí rẹ̀ wà ní B fún wa ní 4 × 7.5 × 3 / 3 = 30, èyí tí orí rẹ̀ wà ní C ni a pín sí 6 nítorí orí wọn kò pàdé, 15, a sì yọ ọ́. Ó ku 15. Àpapọ̀ 37.5, B sì sún ní mìlímítà 9.4. Òpó ọ̀tún tẹ̀ ní tòótọ́ báyìí, síbẹ̀ kò sí nínú ìṣirò, nítorí m kò sí níbẹ̀. Bí èyí bá ń dà ọ́ láàmú, fi m gidi ṣe é, tó jẹ́ 1.5 ní igun méjèèjì: 11.25 fún òpó kọ̀ọ̀kan, 15 fún bíìmù, 37.5 náà ni.

9.4 kò kọjá 10, wẹ́dà sì dunnú. Mo ní kó fi ihò bóòtù D hàn mí. Bóòtù mìlímítà 20 wà nínú ihò 22, ó sì fara ti ẹ̀gbẹ́ kan. Kí bóòtù tó kan ẹ̀gbẹ́ kejì, D ṣì ń yọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Yíyọ̀ mìlímítà 2 kò gbà ju 5 × 2 / 33.75, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílónútìnì 0.3, láàárín ìgbà yẹn sì ni B ti sún ní nǹkan bíi 1.56. Kílónútìnì 4.7 tó kù fi 8.82 kún un. Àpapọ̀ jẹ́ 10.4. A tú bóòtù náà, a fi wáṣà tí ihò rẹ̀ bá a mu gẹ́lẹ́ sí i, a sì jó wáṣà náà mọ́ páálí ẹsẹ̀ yíká.